Yàrá Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ìwàràjà

Ẹni tó bá ní géèmù orí fóònù kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà, kó ṣe é lọ́jọ́ kan péré kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Phebe Ọlọ́rundáre ṣe é títí ojú fi ń ta á. Ọmọ Iléṣà ni, ìdílé aláṣọ ló ti jáde. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Òṣogbo ló gbà á pé kó máa kọ́ ibi tí géèmù ti ń ṣẹlẹ̀: ọ̀nà, odi, kòtò, igi, ibi tí olè máa lúgọ sí àti ibi tí ẹni tó ń gbá géèmù máa sá gbà. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Awwal ló ń ya àwòrán, Àmínù ló ń ṣe ohùn àti orin, Phebe ló ń kọ́lé. Ọ̀gá wọn, Mùyídéènì, ló ni kọ̀ǹpútà, òun ló ni jẹnẹrétọ̀, òun náà ló sì ni ẹnu.

Aláṣọ Dé ni wọ́n pe géèmù náà. Aláṣọ Ìjẹ̀ṣà kan ló gbé ẹrù aṣọ lérí, tó ń ti Iléṣà lọ tajà ní Ìwàràjà àti Ifẹ̀wàrà, tí àwọn olè sì ń lé e kiri. Nígbà tó jáde, ó tà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbá a, àwọn ọlọ́kadà ń gbá a níbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò, àwọn obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà kò gbẹ́yìn.

Ohun tó mú un dùn ni àwọn nǹkan tí Phebe fi pa mọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà ni Mùyídéènì ṣe gba àyè lórí rédíò kan ní Òṣogbo, lọ́sàn-án Sátidé, pé kí àwọn èèyàn máa pè wọlé, kí Phebe máa dá wọn lóhùn. Ohùn rẹ̀ kì í kánjú. Òfin kan ló sì fi lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ lè bi mí ní ìbéèrè kí n ní mi ò ní sọ fún yín. Ẹ ò ní bi mí kí n parọ́ fún yín. Bí mo bá ní kò sí, kò sí nìyẹn."

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín wá láti ọ̀dọ̀ Sàkáríyà, mẹkáníìkì kan ní Òkè-Baálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí Phebe," ni Sàkáríyà wí, "wọ́n ní ẹyin Àjíǹde wà nínú géèmù yìí. Ṣé àwa Mùsùlùmí náà lè bá wọn wá a, àbí ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Phebe rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Ó ní àwọn òyìnbó máa ń fi ẹyin pa mọ́ sínú koríko nígbà ọdún Àjíǹde, kí àwọn ọmọdé wá a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà fún nǹkan ìkọ̀kọ̀ tí ẹni tó ṣe géèmù fi ṣeré síbẹ̀, tí kò kan bí èèyàn ṣe máa borí. "Bí ẹ bá lu ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ewúrẹ́ Ifẹ̀wàrà, tó dún bí agogo iléèwé, ẹyin nìyẹn. Ẹ ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni. Ti fìlà sányán yàtọ̀. Bí ẹ bá ti Ifẹ̀wàrà jáde láìjẹ́ kí ẹrù kankan bọ́ sílẹ̀, fìlà náà á ṣí fún yín, ẹ ó lè máa dé e fún aláṣọ yín. Iṣẹ́ yín lẹ fi ṣí i. Ìpẹ̀rìndó ńkọ́? Kò sí lára àwọn ìpele tí ẹ rí lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ní láti bẹ́ sínú kòtò awawúrà tí kò ní omi kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ìpele tó fara sin nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ máa wá a lọ, kò sí harámù níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ló kọ́ ọ, òun ló ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbá Aláṣọ Dé parí, níbi tí orúkọ àwọn tó ṣe géèmù máa ń gbé jáde, orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan lẹ ó rí. Mùyídéènì ló yọ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò kí géèmù tó jáde. Lórí rédíò pàápàá, "àǹtí Phebe" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni tó ń bá wọn tajà ẹlòmíràn.

"Bí àwọn ará Èkó bá rí orúkọ yín," ni Mùyídéènì sọ fún wọn, "ọ̀la ni wọ́n máa pè yín. Màá tọ́ yín dàgbà tán kí ẹlòmíràn wá kó yín lọ?"

Phebe ní, "Ọ̀gá, ẹ fi oore dá wa dúró. Ẹ má fi òkùnkùn dá wa dúró."

Mùyídéènì ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ ọmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Inú bí Phebe gan-an, nítorí èèyàn lè fara da ìyà, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lójú ẹ bí ẹni pé atẹ́gùn ló ṣe é, ìyẹn kì í ṣe fífaradà. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ́ yàrá kan.

Ní oríta Ìwàràjà inú géèmù, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ lè kàn án, kó má ṣí. Ẹ lè fẹsẹ̀ gbá a, ẹ lè gun òrùlé rẹ̀, kó má ṣí. Gbogbo èèyàn gbà pé àwòrán lásán ni. Ohun tó ń ṣí i ni ohun tí àwọn baba ńlá Phebe fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Láyé wọn, bí aláṣọ Ìjẹ̀ṣà bá dé ilé ẹni tó gbé aṣọ rẹ̀ láwìn tí kò sì fẹ́ jáde wá sanwó, kì í jà, kì í pariwo. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Á ní òṣó lòun ó máa ló títí onílé yóò fi yọjú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ wọ́n ní Òṣómàáló. Phebe ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí aláṣọ dé iwájú ilẹ̀kùn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìlóṣòó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́rán. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá kọjá tí ẹ ò tẹ nǹkan kan, ilẹ̀kùn á ṣí. Nínú yàrá náà, aṣọ mẹ́ta ló so kọ́ sára ògiri, orúkọ kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: Awwal, ayàwòrán. Àmínù, alóhùn. Phebe Ọlọ́rundáre, ọmọlé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi Awwal àti Àmínù. Ó rò pé kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á rí i.

Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n rí ewúrẹ́, wọ́n rí fìlà, wọ́n rí Ìpẹ̀rìndó. Ti ilẹ̀kùn Ìwàràjà, wọn ò bèèrè rẹ̀. Phebe bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá kò sẹ́ni tó bìkítà ta ló kọ́ ilé, níwọ̀n ìgbà tí ilé ò bá ti jò. Ó dùn ún gan-an.

Àfi Sátidé kan tí Alhaja Fàtímọ̀ pè wọlé. Òwú ni Alhaja ń tà nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ó sì ti dàgbà tó kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi.

"Ọmọ mi," ni Alhaja wí, "mo ti dé inú ilé aṣọ yẹn, èyí tó wà ní Ìwàràjà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí orúkọ èèyàn mẹ́ta. Ta ni Awwal? Ta ni Àmínù? Ta ni Phebe Ọlọ́rundáre? Ṣé ìwọ Phebe yìí náà ni?"

Mùyídéènì, tó jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀ nínú yàrá rédíò, gbé orí sókè. Ó fi ọwọ́ gé ọrùn ara rẹ̀, pé kó gé ìpè náà kúrò. Àsìkò ètò sì ti ń tán lọ.

Phebe ní, "Alhaja, ìbéèrè yín tóbi. Ẹ jẹ́ kó di Sátidé tó ń bọ̀, mo máa dáhùn rẹ̀."

Kí Sátidé tó dé, wọ́n sọ Alhaja di òpùrọ́. Gbogbo ẹni tó ní Aláṣọ Dé lórí fóònù ló lọ sí Ìwàràjà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Alhaja ní kí wọ́n lóṣòó ni. Wọ́n lóṣòó, kò ṣí. Ohùn ń fò lórí WhatsApp bí eṣú. Èyí tó le jù nínú wọn ni ti Tóyìn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fọ wúrà ní Ìpẹ̀rìndó. Ó ní màmá àgbà sùn lọ sídìí òwú ni, àlá ọ̀sán ló lá. Wọ́n gbé àwòrán tí Alhaja fi fóònù rẹ̀ yà nínú yàrá náà wò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, "Alhaja, ẹ kú àlá." Obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà tó bọ̀.

Mùyídéènì pe Phebe sínú ọ́fíìsì. Ó ti mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Wàá sọ pé kò sí," ni Mùyídéènì wí. "Wàá ní àwòrán tí wọ́n hùmọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wàá fi ọwọ́ ara rẹ yọ yàrá yẹn kúrò, a ó sì gbé àtúnṣe tuntun jáde. Bó o bá ṣe é, n kò ní bi ọ́ nídìí ohun tó o ṣe."

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́, ọ̀gá?"

"Wá iṣẹ́ mìíràn."

Phebe padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé òun náà kò mọ ìdí tí ilẹ̀kùn fi kọ̀ fún àwọn èèyàn. Lórí fóònù ọ́fíìsì, ó ń ṣí. Gbogbo ìgbà tó dán an wò ló ń ṣí. Ó wá dìde, ó gba ọ̀dọ̀ Alhaja lọ. Ó bá a nídìí òwú, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bó ṣe ṣe é fóun láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mo fi ọmọkùnrin aláṣọ yẹn lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn," ni Alhaja wí. "Wọ́n pe ìrun Ásárì. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo lọ kírun. Nígbà tí mo máa fi dé, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀."

"Fóònù yín ò kú lójú? Iná rẹ̀ ò pa?"

"Iná tèmi kì í tètè pa. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ka Kùránì. Bí mo bá dé àárín áyà kan, á ṣókùnkùn mọ́ mi lójú, èyí sì ń bí mi nínú. Mo ní kí ọmọ mi sún àkókò rẹ̀ síwájú dé ibi tó gùn jù."

Phebe fọwọ́ lu iwájú orí. Àṣìṣe rẹ̀ ti hàn sí i. Fóònù ọ́fíìsì kì í kúrò lára wáyà kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti tò ó pé kò gbọ́dọ̀ sùn níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń gbaná. Ti àwọn ará ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jẹ́ kí iná fóònù máa jó lásán níbi tí a kì í ti í mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná dé? Gbogbo wọn ló ti dín in kù, kó tètè ṣókùnkùn, kí bátìrì lè pẹ́. Ìlóṣòó kò sì fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí náà fóònù á sùn kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Bó bá ti sùn, géèmù á dúró, kíka á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí wọ́n bá lóṣòó títí di ọdún tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí.

"Alhaja," ni Phebe wí, "èmi ni mo kọ́ ọ tí mi ò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yin ò parọ́."

"Mo mọ̀ pé mi ò parọ́," ni Alhaja wí. "Àwọn tí kò mọ̀ ni kó o sọ fún."

Sátidé dé. Mùyídéènì ti jókòó kí Phebe tó wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wọlé ni Tóyìn ará Ìpẹ̀rìndó, kò sì fẹ́ kí wọ́n kí òun.

"Àǹtí Phebe, ẹ̀yin lẹ ní bí ẹ bá ní kò sí, kò sí. Ó yá. Ṣé yàrá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìwàràjà àbí kò sí?"

Mùyídéènì tẹjú mọ́ ọn. Phebe náà tẹjú mọ́ Mùyídéènì, kò sì yọ ojú nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Ó wà. Alhaja Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú gbogbo yín, gbogbo ẹni tó bá sì pè é ní òpùrọ́ jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀. Tóyìn, ṣé géèmù wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń pè yín."

"Lọ sínú ètò fóònù rẹ, sún àkókò tí iná fi ń pa síwájú dé ibi tó gùn jù. Padà sí Ìwàràjà, lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn, kó o gbé fóònù kalẹ̀. Má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ bá a ṣe é."

Mùyídéènì nawọ́ sí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ pé kó fi orin sí i. Ẹni náà wo Mùyídéènì, ó wo Phebe, ó ní òun náà ti lóṣòó. Ó gbé fóònù rẹ̀ hàn wọ́n.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn lórí rédíò. Phebe ní bí wọ́n ṣe ń dúró, kóun sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ní nígbà tí géèmù ṣì ń wà nínú páálí oníke tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí kì í kọ orúkọ àwọn tó ń ṣe géèmù sí i, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn ẹlòmíràn má wá kó wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kọ́ yàrá ìkọ̀kọ̀ kan. Ó fi àmì bíńtín kan síbì kan, àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilẹ̀ mu tí ojú ò fi lè tètè rí i. Ẹni tó bá gbé àmì yẹn ló lè la ògiri kọjá, orúkọ òṣìṣẹ́ náà ló sì máa bá níbẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó mọ̀. Ọmọ kan tó gbá a rí i, ló bá kọ lẹ́tà sí wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, wọ́n rí i pé ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì sọ irú rẹ̀ ní ẹyin Àjíǹde. "Sàkáríyà, ibi tí ẹyin rẹ ti wá gan-an nìyẹn. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ti wá."

Ohùn Tóyìn gba orí rédíò, ti Ìjẹ̀ṣà ló sì fi jáde: "Ulẹ̀kùn ti ṣí o. Ulẹ̀kùn ti ṣí."

"Ka ohun tó o rí fún wa," ni Phebe wí.

Tóyìn kà á. Ó ka Awwal, ó ka Àmínù. Ó ka ẹ̀kẹta. "Alhaja," ni Tóyìn wí, "bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yá jù."

Phebe ní, "Alhaja bi mí ta ni àwọn mẹ́ta náà. Awwal ló ya gbogbo ohun tí ojú yín rí. Àmínù ló ṣe gbogbo ohun tí etí yín gbọ́. Èmi ni ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kò sí wa. A wà."

Kí Phebe tó dé ẹ̀yìn òde, Mùyídéènì ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Phebe kò bẹ̀ ẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, inú rẹ̀ sì balẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, nítorí ta ló tún máa fún un níṣẹ́ báyìí? Ṣùgbọ́n kò kábàámọ̀.

Mùyídéènì ní kí Awwal yọ yàrá náà. Awwal ní òun kì í fi ọwọ́ ara òun pa ara òun. Ọ̀gá kọjú sí Àmínù, Àmínù ní òun ò gbọ́. Ló bá bẹ ẹnìkan lọ́wẹ̀ ní Èkó, ẹni yẹn fi ògiri dí ilẹ̀kùn Ìwàràjà pátápátá, wọ́n sì gbé àtúnṣe tuntun jáde. Àwọn èèyàn kò gbà á. Wọ́n pa àtúnṣe aládàáṣe lórí fóònù wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti yí padà á yọ ọ́ kúrò, á sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ nípa Xender, tí kì í jẹ dátà. Àwọn tí kò gbá géèmù rí pàápàá ń bèèrè èyí tó ní yàrá.

Ètò rédíò kò lè dúró, ilé iṣẹ́ ti sanwó àyè náà sílẹ̀. Mùyídéènì fúnra rẹ̀ ló wá ń dáhùn ìbéèrè. Wọ́n bi í nípa ewúrẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í nípa kòtò awawúrà, ó ní kí wọ́n máa wá a. Alhaja Fàtímọ̀ pè wọlé, ó kí i dáadáa, ó sì bi í pé, "Ta ni Phebe Ọlọ́rundáre?" Mùyídéènì gé ìpè náà. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tóyìn pè, ìbéèrè kan náà. Sàkáríyà pè. Àwọn ọmọ iléèwé pè. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè.

Phebe wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Iléṣà, ó ń ká aṣọ, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí Mùyídéènì kò gé ìpè mọ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé àwọn èèyàn rò pé rédíò ti bàjẹ́.

"Òun ló kọ́ gbogbo ibi tí ẹ ń rìn," ni Mùyídéènì wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Òun, Awwal àti Àmínù. Ó tán."

Bàbá Phebe rò pé ọmọ òun yóò bú sẹ́kún tàbí kó dúpẹ́. Omi lé sójú rẹ̀ lóòótọ́. Ó nu ojú, ó gbé fóònù, ó sì tẹ nọ́ńbà rédíò. Wọ́n ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń pè.

"Phebe Ọlọ́rundáre, láti Iléṣà. Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọjọ́ wo lẹ máa kọ orúkọ wa síbi tí géèmù parí sí?"